Kí Ni A Fi Ń Já “Gbogbo” Ní Koro? Àlàyé Fún Àwọn Tí Ọ̀rọ̀ Bọ̀hóò Ti Kó Sínú Àríyànjiyàn

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán lórí Wásáàpù àwọn ẹgbẹ́ ìlú wa ní ilẹ̀ Òkun, láti Kábà títí dé Ẹ̀gbẹ̀. Alága ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè á jábọ̀ pé gbogbo bọ̀hóò ìlú ló ń ṣiṣẹ́. Kò ní pẹ́ tí ọ̀dọ́ kan á fi fèsì pé, “Irọ́ ni, Bàbá. Ẹ má bínú o, kò sí bọ̀hóò kankan tó ń ṣiṣẹ́ nílùú yìí.” Alága á ya fọ́tò bọ̀hóò ọjà níbi tí omi ti ń dà sínú kẹ́ẹ̀gì, á fi ránṣẹ́. Ọ̀dọ́ náà á ya ti ilé-ìwé tí koríko ti bò mọ́lẹ̀, òun náà á fi ránṣẹ́. Àwọn ará Èkó àti Àbújá á wá máa gbè sẹ́yìn ẹni tó bá wù wọ́n. Bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, kálukú ti fàáké kọ́rí pé òun ti já ẹnì kejì ní koro.

Ẹ wo fọ́tò méjèèjì dáadáa. Fọ́tò alága fi hàn pé ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ kì í ṣe òótọ́, nítorí bọ̀hóò kan rèé tó ń ṣiṣẹ́. Fọ́tò ọ̀dọ́ fi hàn pé ọ̀rọ̀ alága kì í ṣe òótọ́, nítorí bọ̀hóò kan rèé tó ti kú. Kò sí èyí tó gbe ọ̀rọ̀ ẹni tó yà á lẹ́sẹ̀ nínú fọ́tò méjèèjì. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jẹ̀bi, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì rò pé àwọn jàre. Ohun tó fa èyí ni pé ọ̀pọ̀ wa gbà pé ohun tó lòdì sí “gbogbo” ni “kò sí ìkankan”. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí.

Kí ni “gbogbo” ń sọ, kí sì ni “ó wà” ń sọ?

Ọ̀rọ̀ oríṣi méjì la máa bá ṣiṣẹ́. Ọ̀kan ni ọ̀rọ̀ “gbogbo”. Ẹni tó bá sọ ọ́ ń wí pé ohun tí òun fẹ́ sọ kan olúkúlùkù tó wà nínú agbo kan, kò yọ ẹyọ kan sílẹ̀. “Olúkúlùkù”, “ọ̀kọ̀ọ̀kan”, “èyíkéyìí” àti “yòówù” sábà máa ń ṣe irú iṣẹ́ yìí náà. Èkejì ni ọ̀rọ̀ “ó wà”. Ẹni tó sọ ọ́ ń wí pé nínú agbo yẹn, ó kéré tán, a rí ẹyọ kan tí ọ̀rọ̀ náà bá mu. Nínú ìwé ìṣirò, àmì tí wọ́n fi ń kọ ti àkọ́kọ́ ni ∀, ti èkejì sì ni ∃. Gottlob Frege, ará Jámánì, ló kọ́kọ́ gbé ìlànà kíkọ irú ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ yanjú ní ọdún 1879, àmọ́ kì í ṣe àmì wọ̀nyí ló lò. Giuseppe Peano, ará Ítálì, ló mú ∃ wá ní 1897, Gerhard Gentzen sì mú ∀ wá ní 1935.

Ohun kan máa ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà nínú ọ̀rọ̀ “ó wà”. Bí mo bá ní, “Bọ̀hóò kan wà tó ń ṣiṣẹ́,” n kò sọ pé ọ̀kan ṣoṣo ni. Bẹ́ẹ̀ ni n kò sọ pé àwọn yòókù ti kú. Bí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá ń ṣiṣẹ́, òótọ́ ṣì ni mo sọ. Àwa la máa ń fi etí gbọ́ ohun tí wọn ò sọ: ẹnì kan á ní “àwọn kan ti san owó”, a ó sì ti parí rẹ̀ lọ́kàn ara wa pé àwọn mìíràn jẹ gbèsè. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ náà ló sọ ọ́.

Ohun kejì ni agbo. “Gbogbo” ta? “Gbogbo” kí ni? Tí a kò bá fẹnu kò lórí agbo, a ó kàn máa jà lásán ni. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ pé gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ apá ìwọ̀ oòrùn Kogí, ilẹ̀ Òkun ni. Tó bá jẹ́ Kábà-Búnú, Ìjùmú, Mọ̀pà-Mùrò, Yàgbà Ìlà Oòrùn àti Yàgbà Ìwọ̀ Oòrùn ni ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní lọ́kàn, òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹkùn tó ń yan sẹ́nétọ̀ Ìwọ̀ Oòrùn Kogí ni, méje ni ìjọba ìbílẹ̀ inú rẹ̀. A ó fi Lọ́kọ́ja kún un, níbi tí àwọn Òwòrò tó ń sọ èdè wa wà, a ó sì fi ìjọba ìbílẹ̀ Kogí tí olú ìlú rẹ̀ jẹ́ Kotonkárífè kún un. Àwọn Ẹ̀gbìrà Kótò ló ni ibẹ̀. Ẹyọ kan yẹn ti tó láti ba ọ̀rọ̀ “gbogbo” jẹ́. Èèyàn méjì lè máa jiyàn lórí èyí títí di alẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má purọ́, nítorí agbo tí kálukú fọwọ́ yí ká yàtọ̀ síra.

Báwo ni a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ “gbogbo”?

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ omi. Ẹ jẹ́ ká ní ìlú kékeré kan wà lójú ọ̀nà Kábà sí Ìyàrá tó ní bọ̀hóò mẹ́fà: ti ọjà, ti ilé-ìwé, ti ilé ìwòsàn, ti ààfin, ti gáréèjì àti ti ṣọ́ọ̀ṣì. Agbo wa nìyẹn, kò sí ìkeje. Ipò mẹ́ta péré ni ìlú náà lè wà. Ó lè jẹ́ pé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń ṣiṣẹ́. Ó lè jẹ́ pé díẹ̀ ń ṣiṣẹ́, díẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Ó sì lè jẹ́ pé kò sí ìkankan tó ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ alága, “Gbogbo bọ̀hóò ló ń ṣiṣẹ́,” jẹ́ òótọ́ ní ipò kìíní nìkan. Ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́, “Kò sí bọ̀hóò kankan tó ń ṣiṣẹ́,” jẹ́ òótọ́ ní ipò kẹta nìkan. Ipò àárín wá ńkọ́? Irọ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì níbẹ̀. Ẹ sì wò ó, ipò àárín yìí gan-an ni ìlú wa sábà máa ń wà! Ká ní mẹ́rin ń ṣiṣẹ́. Sùmó ti ilé-ìwé ti jóná, ọwọ́ tí wọ́n fi ń fa ti ilé ìwòsàn sì ti kán. Alága àti ọ̀dọ́ ti jọ pàdánù.

Bí ọ̀rọ̀ kan bá máa jẹ́ ojúlówó ìkọ̀ fún òmíràn, ohun kan la ó fi mọ̀ ọ́n: ní ipò yòówù kí nǹkan wà, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́, èkejì sì gbọ́dọ̀ jẹ́ irọ́. Wọn kò gbọdọ̀ jọ jẹ́ òótọ́, wọn kò gbọdọ̀ jọ jẹ́ irọ́. Ọ̀rọ̀ alága ti gba ipò kìíní. Nítorí náà, ohun tó bá máa kọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ gba ipò kejì àti ìkẹta pọ̀. Ọ̀rọ̀ wo ló jẹ́ òótọ́ nígbà tí díẹ̀ ti kú àti nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti kú, tí kò sì jẹ́ òótọ́ nígbà tí gbogbo rẹ̀ ń ṣiṣẹ́? Èyí ni: “Ó wà, ó kéré tán, bọ̀hóò kan tí kò ṣiṣẹ́.”

“Gbogbo” ti di “ó wà”, “kò” sì ti wọlé lọ bá ohun tí a ń sọ nípa bọ̀hóò. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyí, tí P(x) bá dúró fún “x ń ṣiṣẹ́”, tí ¬ dúró fún “kò rí bẹ́ẹ̀”, tí ≡ sì dúró fún “ọ̀kan náà ni pẹ̀lú”:

¬∀x P(x) ≡ ∃x ¬P(x)

Ohun tí ọ̀dọ́ yẹn nílò láti borí kò ju fọ́tò ilé-ìwé tó ti ní lọ́wọ́ lọ. Ká ní ó sọ pé, “Bàbá, ti ilé-ìwé kò ṣiṣẹ́,” ọ̀rọ̀ ti parí, alága kò ní èsì. Ṣùgbọ́n ó lọ fi ẹ̀rí kékeré ru ẹrù ńlá. Ó ní kò sí ìkankan, alága sì rí àyè sá gba ibẹ̀ lọ. Bí àwọn tó ń jẹ́jọ́ lórí owó ìlú ṣe máa ń bọ́ nìyẹn: wọn kì í dáhùn ẹ̀sùn tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, èyí tí wọ́n sọ àsọdùn nínú rẹ̀ ni wọ́n máa ń mú.

Níbo ni “kò” wà nínú gbólóhùn?

Ọ̀pọ̀ àṣìṣe ń wá láti ibi tí a fi “kò” sí. Ẹ gbé gbólóhùn méjì yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. “Kì í ṣe gbogbo bọ̀hóò ló ń ṣiṣẹ́.” “Gbogbo bọ̀hóò ni kò ṣiṣẹ́.” Nínú ti àkọ́kọ́, ìkọ̀ ló ṣíwájú, “gbogbo” fúnra rẹ̀ ló sì ń kọ̀. Ọ̀kan tó ti bàjẹ́ ti tó láti sọ ọ́ di òótọ́. Nínú ti èkejì, “gbogbo” ló ṣíwájú, “kò” wà lábẹ́ rẹ̀. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gbọ́dọ̀ ti kú kí ó tó jẹ́ òótọ́.

Ìyẹn ṣe kedere lórí ìwé. Nínú ìpàdé, ẹnì kan á kàn sọ pé, “Gbogbo ọmọ ilé-ìwé kò rí ìwé gbà.” Àwọn kan á gbọ́ ọ pé kò sí ọmọ tó rí gbà, àwọn kan á gbọ́ ọ pé àwọn díẹ̀ ni kò rí gbà. Tó bá jẹ́ ìwọ lò ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé, má ṣe kọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Dá ẹni tó sọ ọ́ dúró kí o bi í léèrè pé ṣé ọmọ kankan wà tó rí gbà. Bó bá ní “bẹ́ẹ̀ ni”, kọ “kì í ṣe gbogbo ọmọ ló rí gbà”. Bó bá ní “rárá”, kọ “kò sí ọmọ kankan tó rí gbà”.

Ọ̀rọ̀ “ó wà” ńkọ́, kí ló ń kọ̀ ọ́?

Òdìkejì ni gbogbo nǹkan ń gbà níbí. Láti kọ “ó wà”, “gbogbo” la ó lò, ìyẹn sì wúwo ju ti ìṣáájú lọ.

Ẹ jẹ́ ká ní ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó bọ̀hóò náà jẹ́ èèyàn márùn-ún, tí ìròyìn sì ń lọ káàkiri pé ẹnì kan nínú wọn kó lára owó epo jẹ. Ọ̀rọ̀ “ó wà” ni. Akápò bínú dìde, ó mú ìwé báǹkì àti gbogbo rìsíìtì epo wá, ó tẹ́ wọn sórí tábìlì, owó tó gba ọwọ́ rẹ̀ pé géérégé. Ó ní, “Ẹ ti rí i báyìí pé irọ́ ni ìròyìn yẹn.” Kò tíì tó. Ohun tó fi hàn ni pé òun kọ́. Àwọn mẹ́rin yòókù ṣì kù, ìròyìn náà sì lè jẹ́ òótọ́ lórí ọ̀kan nínú wọn. Kí a tó lè sọ pé irọ́ ni, a gbọ́dọ̀ lè sọ nípa alága pé kò jẹ, nípa akọ̀wé pé kò jẹ, nípa akápò pé kò jẹ, àti nípa àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ méjì tó kù pé wọn kò jẹ. “Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó jẹ” àti “gbogbo wọn ni kò jẹ” ti di ọ̀rọ̀ kan náà:

¬∃x P(x) ≡ ∀x ¬P(x)

Ẹ ó rí i pé iṣẹ́ ẹni tó ń sọ àti iṣẹ́ ẹni tó ń kọ̀ kì í dọ́gba. Ẹni tó sọ pé “ó wà” kò nílò ju kó dárúkọ ẹnì kan kó sì mú ẹ̀rí rẹ̀ wá. Ẹni tó máa kọ̀ ọ́ ni yóò yí agbo ká látòkèdélẹ̀. Fún “gbogbo”, ẹni tó sọ ọ́ ni yóò yí agbo ká; ẹni tó máa kọ̀ ọ́ kàn máa na ìka sí ẹyọ kan ni. Tí agbo bá jẹ́ èèyàn márùn-ún, ìyíká yìí kò le. Tó bá jẹ́ gbogbo ilé tó wà ní Ìsánlú, ó ti di iṣẹ́. Tó bá jẹ́ gbogbo nọ́ńbà odidi, kò sí ẹni tó máa lè kà wọ́n tán. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ ìṣirò fi máa ń wá àlàyé kan tó máa bá nọ́ńbà yòówù mu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, dípò kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Fún ìdí kan náà, mo máa ń fura sí ẹni tó bá sọ “kò sí” pẹ̀lú ìdánilójú lórí agbo tí òun fúnra rẹ̀ kò yí ká rí.

Tí “gbogbo” bá ní “tí” nínú, kí ló ń ṣẹlẹ̀?

Alága tó gbọ́n kì í sọ pé gbogbo bọ̀hóò ló ń ṣiṣẹ́. Ohun tó máa sọ ni pé, “Gbogbo bọ̀hóò tí ìgbìmọ̀ mi gbẹ́ ló ń ṣiṣẹ́.” Ó ti fi “tí” sé agbo náà mọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìbínú mú yín fi fọ́tò ilé-ìwé dá a lóhùn, tó bá jẹ́ ìgbìmọ̀ àná ló gbẹ́ ti ilé-ìwé. Ìkọ̀ ọ̀rọ̀ yìí ni: “Ó wà, bọ̀hóò kan tí ìgbìmọ̀ yín gbẹ́, tí kò sì ṣiṣẹ́.” Agbo kò yí padà, ìgbìmọ̀ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbẹ́ ẹ, ohun tó yí padà ni “ń ṣiṣẹ́” tó di “kò ṣiṣẹ́”. Ẹni tó bá lọ kọ “tí ìgbìmọ̀ gbẹ́” náà pọ̀ mọ́ ọn ti yà bàrá kúrò lórí ọ̀rọ̀.

Ọgbọ́n àlùmọ̀kọ́rọ́yí kan wà níbí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ká ní ìgbìmọ̀ náà kò gbẹ́ bọ̀hóò kankan rí láyé. Ṣé òótọ́ ni pé gbogbo bọ̀hóò tí wọ́n gbẹ́ ló ń ṣiṣẹ́? Òótọ́ ni o! Tó bá jẹ́ irọ́, ìkọ̀ rẹ̀ á jẹ́ òótọ́; ìkọ̀ rẹ̀ sì ní kí a mú bọ̀hóò kan tí wọ́n gbẹ́ tí kò ṣiṣẹ́ wá. Níbo la ó ti mú un? Wọn kò gbẹ́ ìkankan. Nínú agbo tó ṣófo, ọ̀rọ̀ “gbogbo” kì í já sí irọ́, ọ̀rọ̀ “ó wà” kì í sì í já sí òótọ́. Nítorí náà, tí olóṣèlú bá wá sọ fún yín lásìkò ìbò pé gbogbo ọ̀nà tí òun ṣe ló ṣì ń dán, ẹ kọ́kọ́ béèrè mélòó ló ṣe.

Tí méjèèjì bá wà nínú gbólóhùn kan ńkọ́?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti ń dùn, ibẹ̀ náà ni ìlérí ti ń yọ̀ bọ́. Ẹ wo ìlérí méjì yìí:

“Ní oṣù kọ̀ọ̀kan, bọ̀hóò kan wà tó ń fún wa lómi.”

“Bọ̀hóò kan wà tó ń fún wa lómi ní oṣù kọ̀ọ̀kan.”

Ọ̀rọ̀ inú wọn jọra, ibi tí a tò wọ́n sí ló yàtọ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ sí ìlú mìíràn tó ní bọ̀hóò méjì péré. Ti ọjà kò jìn. Púpọ̀ nínú ilẹ̀ Òkun jókòó sórí àpáta líle, inú ibi tí àpáta náà ti là tàbí tí ó ti rà ni omi máa ń sá pamọ́ sí, nítorí náà bọ̀hóò tí kò bá jìn tó lè gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ti ọjà gbẹ ní oṣù kejì àti oṣù kẹta. Ti ilé ìwòsàn jìn, kì í gbẹ, ṣùgbọ́n sùmó rẹ̀ jóná ní oṣù keje, wọn kò sì rí òmíràn fi sí i títí oṣù kẹsàn-án fi parí. Ní oṣù kejì àti ìkẹta, ilé ìwòsàn ni wọ́n ń lọ pọnmi. Láti oṣù keje dé ìkẹsàn-án, ọjà ni. Ní àwọn oṣù yòókù, méjèèjì ń dà. Ìlérí kìíní ṣẹ: mú oṣù tó bá wù ọ́, màá fi ibi tí omi wà hàn ọ́. Ìlérí kejì kò ṣẹ: kò sí bọ̀hóò tó dá ọdún yí ká láìdákẹ́.

Ohun tó yà wọ́n ni pé nínú ti àkọ́kọ́, oṣù la kọ́kọ́ mú, bọ̀hóò sì lè yí padà bí oṣù ṣe ń yí. Nínú ti èkejì, bọ̀hóò la kọ́kọ́ dúró lé, òun kan náà ló sì gbọ́dọ̀ fara da oṣù méjìlá. Bí ìkejì bá ṣẹ, dandan ni kí ìkíní ṣẹ. Bí ìkíní bá ṣẹ, ìyẹn kò ní ká retí ìkejì. Obìnrin tí ilé rẹ̀ wà lẹ́bàá ọjà, tó ń gbé garawa lọ sí ilé ìwòsàn nínú oòrùn oṣù kẹta, mọ ìyàtọ̀ náà lọ́rùn.

Bí a bá fẹ́ kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣe la ó máa ti “kò” láti iwájú gbólóhùn lọ sí ẹ̀yìn. Bó bá ṣe ń kọjá lára “gbogbo”, “gbogbo” di “ó wà”. Bó bá ṣe ń kọjá lára “ó wà”, “ó wà” di “gbogbo”. Kò gbọdọ̀ dúró títí yóò fi kan ohun tí a ń sọ gan-an, ìyẹn fífún wa lómi. Tí L(o, b) bá dúró fún “ní oṣù o, bọ̀hóò b ń fún wa lómi”, bí ìlérí kìíní ṣe ń yí padà nìyí:

¬∀o ∃b L(o, b) ≡ ∃o ∀b ¬L(o, b)

Ní ẹnu wa: “Oṣù kan wà tí gbogbo bọ̀hóò pátá kò fi fún wa lómi.” Ohun tí alátakò gbọ́dọ̀ wá nìyẹn, oṣù kan tí àwọn bọ̀hóò náà jọ dákẹ́ pọ̀. Bó bá kàn ń pariwo pé ti ọjà gbẹ ní oṣù kejì, kò tíì fọwọ́ kan ìlérí náà. Ìkọ̀ ìlérí kejì yàtọ̀: “Bọ̀hóò yòówù kí o mú, oṣù kan wà tí kò fún wa lómi.” Oṣù yẹn kò ní láti jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo wọn. Nínú ìlú tí a fi ṣàpẹẹrẹ yìí, oṣù kejì ló mú ti ọjà, oṣù keje ló mú ti ilé ìwòsàn.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé èèyàn á yí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ padà, á gbàgbé èkejì. Á ní, “Oṣù kan wà tí bọ̀hóò kan kò lómi,” á sì rò pé òun ti kọ ìlérí kìíní. Ẹ fi ohun tí a sọ lẹ́ẹ̀kan dán an wò: ṣé àwọn méjèèjì lè jọ jẹ́ òótọ́? Wọ́n lè jọ jẹ́ ẹ, bó ṣe rí gan-an nìyẹn nínú ìlú bọ̀hóò méjì. Nítorí náà kì í ṣe ìkọ̀.

Ìdá kan nínú mẹ́rin ti ìbò gómìnà: ibo ni “gbogbo” wà níbẹ̀?

Òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, ní abala 179, sọ pé kí ẹni tó bá òmíràn du ipò gómìnà tó lè wọlé, ìbò rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ pọ̀ jù, ó sì gbọ́dọ̀ ní, ó kéré tán, ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò tí wọ́n dì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ìjọba ìbílẹ̀ tí iye wọn kò dín sí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ náà. Ẹ jẹ́ ká fi ti ìbò tó pọ̀ jù sílẹ̀, ká gbà pé ẹni náà ti ní in. Mọ́kànlélógún ni ìjọba ìbílẹ̀ Kogí, ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́rìnlá. Ọ̀rọ̀ “ó wà” ló ṣíwájú: agbo mẹ́rìnlá kan wà. “Ọ̀kọ̀ọ̀kan” ló tẹ̀ lé e: nínú ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó wà nínú agbo náà, ìdá kan nínú mẹ́rin pé. Òfin kò sì dárúkọ mẹ́rìnlá tó gbọ́dọ̀ jẹ́.

Báwo la ṣe máa kọ̀ ọ́? Alátakò tó bá fi ìjọba ìbílẹ̀ kan hàn tí ẹni náà kò ti ní ìdá kan nínú mẹ́rin kò rí nǹkan ṣe, nítorí òfin kò sọ pé “gbogbo”. Ohun tó gbọ́dọ̀ fi hàn ni pé mẹ́rìnlá kò pé, ìyẹn ni pé mẹ́tàlá ló pọ̀ jù tí ẹni náà ti rí i. Bí mẹ́tàlá ló bá pọ̀ jù nínú mọ́kànlélógún, a jẹ́ pé mẹ́jọ, ó kéré tán, ni kò ti rí i. Mẹ́jọ ni ẹ̀rí tó ń wá. Bó bá kó méje kalẹ̀, asán ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí a máa ń fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí ẹni tó lè di gómìnà Kogí tí kò bá ní ìdá kan nínú mẹ́rin níbì kankan lọ́dọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ “kò sí” ni. Èsì ìbò kan ṣoṣo tó ṣeé ṣe lábẹ́ òfin ti tó láti já a ní koro. Méje ni ìjọba ìbílẹ̀ ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn. Ìlà Oòrùn ní mẹ́sàn-án, Àárín Gbùngbùn ní márùn-ún, mẹ́sàn-án àti márùn-ún sì jẹ́ mẹ́rìnlá géérégé. Ẹni tó bá ní ìdá kan nínú mẹ́rin ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ ẹkùn méjèèjì yẹn ti pé òfin, kódà bó bá kùnà ní Kábà-Búnú, ní Ìjùmú, ní Mọ̀pà-Mùrò, ní Yàgbà méjèèjì, ní Lọ́kọ́ja àti ní Kotonkárífè. Ṣùgbọ́n kò sí àyè ìyọ̀bọ́ kankan fún un. Bí Ìbàjì nìkan bá bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nínú mẹ́rìnlá yẹn, mẹ́tàlá ló kù, ó sì ti di dandan kó wá rí ìdá kan nínú mẹ́rin ní ọ̀kan, ó kéré tán, nínú méje tiwa.